Bí a ṣe ń ka lẹ́tà àfọwọ́kọ tó ṣòro kà kí a tó túmọ̀ rẹ̀

Obìnrin kan ní Iléṣà fi àwòrán lẹ́tà mọ́kànlá ránṣẹ́ sí mi. Bàbá rẹ̀ àgbà ló kọ wọ́n nígbà tó ń ṣe òṣómàáló, tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tó sì ń kọ̀wé sílé. Àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lókè òkun kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́.

Mi ò kì í fi ìtúmọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń túmọ̀ bó ṣe ń kà yóò fi èrò ara rẹ̀ dí ibi tí kò rí kà, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da lẹ́tà náà kọ ní Yorùbá, bó ṣe wà gan-an, kí ẹ tó ronú kan Gẹ̀ẹ́sì.

1. Ẹ yẹ àwòrán wò ná

Dúdú àti funfun ni wọ́n fi ya àwòrán àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ mi. Ìyẹn burú fún Yorùbá. Bí ẹ̀rọ bá ń ya dúdú àti funfun, ó lè ka àmì kékeré abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ sí ìdọ̀tí, kó sì pa á rẹ́. Mo rí "oko na ti baje ni Ikire". Ṣé oko ni, àbí ọkọ̀? Mo ní kí wọ́n tún un yà ní aláwọ̀, ní 400 DPI, ìyẹn ojú àmì 400 nínú íǹṣì kan. Ìwé onílà ni bàbá náà lò. Nínú àwòrán tuntun, íǹkì búlúù yàtọ̀ sí ìlà tó ti ṣá, àmì abẹ́ ọ sì jókòó sórí ìlà yẹn gan-an. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ ní Ìkirè.

Bí íǹkì ẹ̀yìn ìwé bá yọ sójú, ẹ gba àwòrán ẹ̀yìn náà, kí ẹ yí i padà bí ẹni ń wò ó nínú dígí, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ óò mọ ìlà tó jẹ́ ti ẹ̀yìn. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa tún ṣe, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́.

2. Ẹ ṣe ábídí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́

Ẹ lọ síbi tí ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ dájú: orúkọ ìlú, ọjọ́, ìkíni, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹ gé lẹ́tà ábídí kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ látinú ẹ̀dà àwòrán, kí ẹ tò wọ́n sójú ewé kan. Ibi tí bàbá yìí ti kọ "Ilesha" ni mo ti mọ "s" àti "h" rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí "ule" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ rò pé "ile" ni, àmọ́ gbogbo "i" tó kù ló ní àmì lórí, èyí kò ní. Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ: ulé ni wọ́n ń pe ilé. Ká ní mo ti tún un ṣe ni, ohùn bàbá náà ìbá ti sọnù.

3. Ẹ dà á kọ ní ìlà sí ìlà

Ẹ fi nọ́ńbà sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi "aiye", "enia", "nwọn" àti "yio" sílẹ̀ bó ṣe kọ wọ́n, nítorí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn. Ẹ má fi àmì ohùn kún un. Ọ̀rọ̀ tí kò dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ báyìí: [owo?]. Èyí tí ẹ kò rí kà rárá: [...]. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ tún un wò. Ẹ tún fún ẹlòmíràn ní àwòrán nìkan, kó má rí ohun tí ẹ kọ, kí ẹ wá fi tiẹ̀ wé tiyín.

4. Ẹ fi ìṣirò dán nọ́ńbà wò

Nínú lẹ́tà kẹrin, ó to gbèsè mẹ́ta: £2.10.0, £1.17.6, àti ẹ̀kẹta tí mo kà sí £4.11.6. Ó kọ àròpọ̀ sísàlẹ̀: £9.5.0. Nígbà náà, ṣílè 20 ló wà nínú pọ́ùn, kọ́bọ̀ 12 nínú ṣílè. Mo rò ó, £8.19.0 ni mo rí, ó dín ṣílè mẹ́fà. Ìyàtọ̀ 11 sí 17 gan-an nìyẹn. Mo padà sí àwòrán, mo rí i pé ó ní ìlà kékeré lórí 7, ó ti ṣá. £4.17.6 ló jẹ.

Nígbà tí mo wá túmọ̀, ọ̀rọ̀ méjì ṣì kù nínú lẹ́tà kẹsàn-án tí omi ti bà jẹ́. Mo fi àlàfo wọn sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, mo sì kọ nọ́ńbà ìlà wọn sí ẹ̀gbẹ́, kí obìnrin náà lè fi ìwé gan-an han ìyá rẹ̀ nílé.