Bí mo ṣe tú sítétímẹ́ǹtì Àǹtí mi palẹ̀

Àǹtí mi tó ń ta gàrí ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, gbé sítétímẹ́ǹtì báńkì wọn ti oṣù Kẹsàn-án 2025 fún mi: "Bá mi wo ohun tó ń jẹ owó mi."

Mo ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, ó jẹ́ ₦842,000. Àǹtí ní irọ́ ni, àwọn ò tà tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n fi ₦200,000 ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì wọn kejì. ₦45,000 sì jẹ́ owó tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, tí báńkì dá padà, tó ní `RVSL` lára. Mo yọ méjèèjì, ó ku ₦597,000. Mo yọ ₦45,000 náà kúrò nínú ìnáwó pẹ̀lú, torí ó ti kọ́kọ́ jáde.

Ìnáwó ńlá ò ṣòro láti rí: àpò gàrí ₦410,000, owó iléèwé ₦85,000.

Ṣùgbọ́n ₦18,500 jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí `POS` kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà. Mo wá `RVSL` rẹ̀ títí, n ò rí i. Èèyàn lè rajà lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, nítorí náà mo bi wọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni!"

Mo kọ ọjọ́, àkókò àti nọ́ńbà ìsanwó méjèèjì sílẹ̀ fún wọn láti mú lọ sí báńkì.