Bí mo ṣe kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa àti olùkọ́ wa lẹ́yìn ìpàdé tí mi ò lè dé

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni ìpàdé wa, lórí ìwé ìbéèrè 100 tí a gbà lọ́wọ́ àwọn aláta nínú ọjà. Tánkà ṣubú sójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ọkọ̀ wa ò sì kúrò lójú kan títí di ọ̀sán. Inú gosiló yẹn ni mo ti fi ìlà kan ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù: "Tánkà ṣubú, mi ò ní lè dé bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá a lọ." Àlàyé lè dúró, ohun tó ká mi lára ni kí wọ́n má jókòó máa retí mi.

Nígbà tí mo délé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo kọ́kọ́ pè. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, àti iṣẹ́ tí kò tíì lẹ́ni tó ń ṣe é. Bí mo bá kàn kọ ọ́ pé "iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá fún mi, màá ṣe é", àwọn ni yóò tún máa wáṣẹ́ fún mi. Ó ní ìwé ìbéèrè 40 ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì tẹ̀ sínú Ẹ̀ksẹ́ẹ̀lì. Ó tún ní wọ́n ti gbà pé ẹni tí kò bá sọ èrè òòjọ́ rẹ̀, kí a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Òdo wà fún ẹni tó sọ pé òun ò jèrè rárá. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, ìpíndọ́gba èrè yóò lọ sílẹ̀ lórí irọ́.

Mo wá kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ òní o. Ẹ má bínú pé ẹ ò rí mi. Màá tẹ ìwé ìbéèrè 61 sí 100, yóò sì wà lọ́wọ́ yín kó tó di agogo mẹ́jọ alẹ́ Wẹ́sídè. Kí ẹnì kan jọ̀ọ́ mú márùn-ún nínú rẹ̀, kó fi wé ìwé. Bí ẹ bá ti gbé e fún ẹlòmíì, ẹ sọ fún mi lálẹ́ yìí."

Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i ni mo tó kọ̀wé sí olùkọ́ wa, kí ohun tí mo bá sọ fún wọn má yàtọ̀ sí ohun tí ẹgbẹ́ mọ̀. Mo fi kóòdù kọ́ọ̀sì wa, STA 302, àti nọ́ńbà ẹgbẹ́ wa sí àkọlé, torí kíláàsì wọn pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mi ò lè dé ìpàdé ẹgbẹ́ wa lónìí nítorí tánkà tó ṣubú sójú ọ̀nà. Mo ti gba àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹgbẹ́ sì ti gbé títẹ ìwé ìbéèrè 40 fún mi, tí yóò parí ní Wẹ́sídè. Ọjọ́ tí ẹ dá fún wa kò yí padà. Mo dúpẹ́ mà."

Fọ́tò ojú ọ̀nà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò fi sí i. Bí wọ́n bá béèrè, màá fi ránṣẹ́.

Wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i. Ní alẹ́ Wẹ́sídè, ẹni tó yẹ iṣẹ́ mi wò rí i pé òdo ló wà ní àyè àwọn kan tí kò sọ èrè wọn nínú 60 àkọ́kọ́, tí a ti tẹ̀ ṣáájú ìpàdé. A pa àwọn òdo yẹn rẹ́ kí a tó ṣírò ìpíndọ́gba.