Bí a ṣe ń kọ àpèjúwe ìkòkò tí a fẹ́ tà

Bí oníṣòwò kan ní Kábà bá gbé àwòrán ìkòkò sórí fóònù, tó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ìkòkò àrà ọ̀tọ̀, ojúlówó, kò lẹ́gbẹ́", ẹni tó wà ní Ìsánlú tó fẹ́ rà á kò tíì mọ̀ bóyá ó lè gba ọbẹ̀ ilé òun. Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ. Ìkòkò alumíníọ́mù tí wọ́n yọ́ dà ni.

Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: kí lẹ rí lára ìkòkò náà tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀? "Ojúlówó", nítorí pé ó nípọn. "Àrà ọ̀tọ̀", nítorí pé ó tóbi. "Kò lẹ́gbẹ́" kò rí ìdáhùn kankan, ẹ pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n kọ 50cl sí lára rọrùn fún èyí: ọ̀rá 2 jẹ́ lítà 1. Ẹ máa dà á sínú ìkòkò, kí ẹ sì máa kà á. Ká ní tiwa gba ọ̀rá 11 àtààbọ̀ kó tó kún dé ẹnu, lítà 5.75 nìyẹn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń se ọbẹ̀ kún dé ẹnu, torí yóò hó dànù. Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù nìyí: wọ́n á kọ iye tó kún dé ẹnu nìkan, oníbàárà á rò pé gbogbo rẹ̀ lòun lè sè. Ẹ kọ méjèèjì: iye tó kún un dé ẹnu àti iye tí a lè sè nínú rẹ̀.

Ẹ fi téèpù wọn ẹnu rẹ̀ láti inú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láti etí kan dé ìkejì, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n láìsí ọmọrí. Ẹ fi rúlà wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn sọ bí ìdí rẹ̀ ṣe nípọn, torí wọ́n lè yàtọ̀.

Ẹ sọ ohun tí kò lè ṣe pẹ̀lú. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ́mù, nítorí náà kò ní gbóná lórí sítóòfù tó ń fi agbára òòfà ṣiṣẹ́.

Ohun tó jáde rèé:

"Ìkòkò alumíníọ́mù tí wọ́n yọ́ dà. Ẹnu rẹ̀ láti inú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24, láti etí dé etí jẹ́ 34. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ 13. Lítà 5.75 ló kún un dé ẹnu. Bí ẹ bá se lítà 4, àyè sẹ̀ǹtímítà 4 á ṣẹ́kù lókè. Ẹnu rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3. Kílò 1.3 ni láìsí ọmọrí. Ó ṣeé lò lórí gáàsì àti igi ìdáná, kò ṣeé lò lórí sítóòfù tó ń fi agbára òòfà ṣiṣẹ́. Igi á mú ìdí rẹ̀ dúdú. Irin ni etí rẹ̀, á gbóná, ẹ fi aṣọ dì í mú."

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún ẹlòmíràn nínú ilé ní téèpù, òṣùwọ̀n àti omi ọlọ́ràá, kó dán gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá ti bá tiyín mu, ẹ tún un wọ̀n.