Àtidìde nínú omi ló ná mi lówó jù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, owó ni. Mo gba àwọn àgbàlagbà mẹ́fà láti kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́. A ti fẹnu kò lórí iye tí wọ́n máa san, mo sì ti ṣírò wákàtí tí màá fi háyà apá ibi tí omi ò ti jìn nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó yá, àpò ara mi ni mo ń tọwọ́ bọ̀ láti san wákàtí tó lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò ya ọ̀lẹ o. Ẹni tó kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ méjì nínú wọn ló kó bá mi. Ó fi rọ́bà aláfẹ́fẹ́ sí wọn lápá láti ọjọ́ kìíní, ó ní kí wọ́n máa ta ẹsẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ nìyẹn. Kò kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dìde dúró nínú omi.

Ẹlòmíì á ní kí ló wà nínú kéèyàn dìde nínú omi tí kò ju àyà lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Tí èèyàn bá dojú bolẹ̀ lójú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí nísàlẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ló nà sí. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kó gbé orí sókè kó lè mí. Bó bá sì ti gbórí sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣì wà lẹ́yìn níbẹ̀, kò ní balẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbá omi, omi á wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìpayà á dé. Báyìí ni èèyàn ṣe ń rì sínú omi tó lè dúró nínú rẹ̀. Kì í sì í pariwo, torí ẹni tó ń wá èémí ò ní èyí tó máa fi kígbe. Orí rẹ̀ á ṣẹ́ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á máa wọ omi, á tún máa yọ, apá méjèèjì á máa tẹ omi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó jókòó sétí adágún lè rò pé eré ló ń ṣe.

Mi ò ní fi ohun tó rọrùn gbà yín lákòókò. Àtẹ̀gùn la bá wọlé, ẹsẹ̀ ló sì ṣáájú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ forí sọ inú omi tí kò jìn. A rìn káàkiri, a di etí adágún mú, a fọ ojú. Omi náà mu wọ́n dé àárín ìdodo àti àyà, ibẹ̀ ló sì dára jù. Tó bá kéré sí i, orúnkún á máa gbá ilẹ̀. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, orí ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n á máa dúró lé, ẹni tó bá sì dúró báyẹn ò lè fọkàn balẹ̀ kọ́ nǹkan kan. Omi yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bíi 30°C. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí omi tútù máa ń jẹ́ kí ara le gbagidi.

Lórí èémí, ọgbọ́n kan péré ni mo lò, mo sì fi yangàn. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n sé èémí. Mo ní kí wọ́n ki ojú bọ omi, kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n máa kùn “ùùm” bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Tí ẹnu bá pa dé, imú nìkan ni afẹ́fẹ́ lè gbà jáde, bí afẹ́fẹ́ bá sì ń jáde níbẹ̀, omi ò ní ráyè wọlé. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n fi ẹnu mí wọlé, wọ́n tún kùn. Kí wákàtí yẹn tó parí, gbogbo wọn ti ń ṣe é láìfọwọ́ nu ojú. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ̀ jálẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni máa mí gúlegúle lọ́pọ̀ ìgbà kó tó wọ abẹ́ omi lọ, torí kó lè pẹ́ níbẹ̀. Irú mímí bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ara tètè mọ̀ pé ó yẹ kó mí, èèyàn sì lè dákú sábẹ́ omi láìsí àmì kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú nìyí. Àǹtí kan wà nínú àwọn méjì tí wọ́n fi rọ́bà kọ́. Èjìká ni rọ́bà apá ń gbé sókè, ìyókù ara á wá rọ̀ sísàlẹ̀ lóòró, bíi ká sọ pé èèyàn ń rìn. Nítorí náà, àǹtí ò tíì fi ìbàdí àti ẹsẹ̀ gbéra lójú omi rí. Mo ní kí wọ́n bọ́ rọ́bà náà, mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, mo ní kí wọ́n na ara. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí, wọ́n fò mọ́ mi lọ́rùn.

“Tíṣà, ẹ má fi mí sílẹ̀ o!”

“Àǹtí, ọwọ́ yín rèé lọ́wọ́ mi.”

“Omi yìí fẹ́ fà mí wọlẹ̀!”

Gbólóhùn yẹn ni mo kọ́kọ́ yanjú. Mo ju òrùka rọ́bà kan sí ìsàlẹ̀ adágún, mo ní kí wọ́n mí sínú dáadáa, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n jókòó tì í. Wọn ò lè jókòó. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ sísàlẹ̀, omi á tún gbé wọn wá sókè, wọ́n á yọ tìyanutìyanu. Afẹ́fẹ́ tó kún inú àyà ló ń gbé wọn. Àfi tí wọ́n bá tú gbogbo rẹ̀ jáde kí wọ́n tó lè rọra balẹ̀. Látìgbà náà, wọ́n gbà pé omi kì í fa èèyàn. Àmọ́ kéèyàn gbà ọ̀tọ̀, kí ọrùn rẹ̀ gbà ọ̀tọ̀.

A wá bẹ̀rẹ̀ àtidìde gan-an. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí adágún, kí ẹsẹ̀ nà sẹ́yìn, kí ojú wà nínú omi. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fa orúnkún méjèèjì wá sí ikùn, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ etí adágún sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ìbàdí rọ̀, kí ẹsẹ̀ nà sílẹ̀, kó kan ilẹ̀. Orí ló gbẹ̀yìn. Mo tún un sọ títí ohùn mi fi há. Àwọn tí wọn ò lo rọ́bà rí ṣe é, wọ́n lọ síwájú. Àǹtí náà ń fa orúnkún dáadáa, wọ́n ń tẹ ọwọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n àgbọ̀n wọn á ti jáde kí orúnkún tó dé ikùn. Kí n má parọ́, ó bí mi nínú. Àgbọ̀n yẹn ni kí ẹni tó ń kọ́ èèyàn máa ṣọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i tó gòkè, ẹ ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ò ní balẹ̀, kí ọwọ́ yín ti wà lábẹ́ apá rẹ̀ kí ìpayà tó dé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó ń bójú tó adágún dúró sókè orí wa tó ń nawọ́ sí aago. Wákàtí ti tó. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní kí n lọ sanwó wákàtí mìíràn. Mo san án, mo sì ń kùn títí ọjọ́ yẹn fi ṣú.

Òrùka rọ́bà yẹn náà ló gbà mí. Mo gbé e sílẹ̀ lábẹ́ imú wọn gan-an, mo ní kí wọ́n má gbójú kúrò lára rẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á fi tẹ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí tán pátá, n kò mẹ́nu bà á mọ́. “Kí lẹ̀ ń wò?” “Òrùka.” “Ilẹ̀ ńkọ́?” Wọ́n dákẹ́ lábẹ́ omi, orúnkún wọn wọlé, ẹsẹ̀ wọn balẹ̀ wọ́ọ́, wọ́n dìde pẹ̀lú omi lójú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A ṣe é létí adágún, a ṣe é lọ́wọ́ mi, a ṣe é pẹ̀lú pátákó fóòmù, lẹ́yìn náà láìdi nǹkan kan mú. Nígbà tí ohun dídìmú tán, ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ etí adágún: wọ́n nà án síwájú, wọ́n sì tẹ omi láti iwájú wá sí ẹ̀gbẹ́ itan bí orúnkún ṣe ń wọlé.

Ti ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi rọrùn lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn yí padà díẹ̀ ni. Àgbọ̀n á wá sí àyà lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún á wọlé, ọwọ́ á gbọ́n omi láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹsẹ̀ á balẹ̀.

Ìyókù ò gba àkókò. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ògiri, apá nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ojú ń wo ìsàlẹ̀, wọ́n yọ́ lọ lójú omi, wọ́n dìde fúnra wọn. Ẹni tó bá lè dìde kì í bẹ̀rù láti lọ, torí ó mọ bó ṣe máa dúró. A wá fi ẹsẹ̀ kún un: láti ìbàdí ni wọ́n ń ta á, orúnkún ò le, ọrùn ẹsẹ̀ rọ̀. Bọ̀dá kan ń tẹ ẹsẹ̀ bí ẹni gun kẹ̀kẹ́, kò kúrò lójú kan, ó tún ń ta omi sí gbogbo wa lójú. Mo ní kó di etí adágún mú kó máa ta ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ta bàtà tó ṣò jáde lẹ́sẹ̀ láìfi ọwọ́ kàn án, ó sì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni apá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èémí sì ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Orí máa ń yí ni, kì í gbéra. Bó bá gbéra, ìbàdí á rì, a ti padà síbi àgbọ̀n nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé mo tún máa ṣe é, ẹni tó bá ti lo rọ́bà apá tẹ́lẹ̀ máa gba kíláàsì tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó rẹ̀ náà á sì yàtọ̀. Àtidìde létí adágún ni màá fi ṣíṣí kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni tó na ara lójú omi. Màá sì jẹ́ kí òpó gígùn kan wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wọn mọ̀ pé ẹni tó bá rí ẹlòmíì nínú ìyọnu máa dojú bolẹ̀ sórí ilẹ̀ etí adágún, á na òpó sí i, kò ní bẹ́ sínú omi lọ bá a. Aṣọ ìnura náà ṣeé nà.

Àǹtí ń bínú sí mi báyìí. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, kí n mú àwọn lọ sí apá ibi tí omi ti jìn. Mo ní rárá. Lọ́hùn-ún, kò sí ilẹ̀ tí wọ́n máa tẹ̀, gbogbo ohun tí a kọ́ nípa àtidìde ò wúlò níbẹ̀. Àfi kí wọ́n lè yí láti ojú sí ẹ̀yìn láàárín ọ̀nà, kí wọ́n sinmi lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ tí èémí wọn á fi balẹ̀, kí wọ́n tún yí padà, láìkàn ilẹ̀ kankan. Wọ́n ní mò ń fẹ́ kówó sí i ni.