Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ọ̀gá bá gbé wá lórí owó ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, ẹ ti mọ apá kan: ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 22, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ju £10,000 lọ lọ́dún, dandan ni kí ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò owó ìfẹ̀yìntì. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Arábìnrin kan tí mo mọ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó, £25,000 lọ́dún. Lóṣù, ó jẹ́ £2,083.33 kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Lábẹ́ ìṣirò tó kéré jù tí òfin gbà, wọ́n á kọ́kọ́ ya £520 tí wọn kì í yọ owó ìfẹ̀yìntì lórí rẹ̀ sọ́tọ̀, á ku £1,563.33. Lórí èyí, 5% ni ti òṣìṣẹ́, 3% ni ti ọ̀gá. Àmọ́ nínú 5% yẹn, ìjọba ló ń fi owó orí gbé 1%. Ohun tó dín nínú owó tó ń wọ báńkì rẹ̀ kò ju £62.53 lọ. Ìjọba fi £15.63 kún un, ọ̀gá fi £46.90 kún un, ó di £125.06. Ìlọ́po méjì owó rẹ̀ nìyẹn, lóṣooṣù.

Ọ̀gá rẹ̀ kò sọ ìyẹn fún un. Lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, pé ó fẹ́ jáde nínú ètò náà, ló gbé fún un, ó ní kó fọwọ́ sí i kí owó tó ń mú relé lè pọ̀ sí i. Ó fọwọ́ sí i. £62.53 padà sápò rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n £46.90 tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù sọ́wọ́ ọ̀gá. Inú ń bí mi tí mo bá rántí, torí òfin kọ̀ ọ́! Ọ̀gá kankan kò gbọdọ̀ rọ òṣìṣẹ́ láti jáde. Ìwé ìjáde, opt out, ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú owó náà gan-an ló yẹ kó ti wá. Bó bá ti ọ́fíìsì ọ̀gá yín jáde, ẹ fura, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ jáde, oṣù kan péré lẹ ní láti gba owó yín padà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè dá sísan dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọlé kò ní jáde títí ẹ ó fi pé 55, tí yóò di 57 láti April 2028. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ padà sílé o. Ìyẹn ò ṣí i.

Ẹ tún máa wo àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì náà fúnra yín. Owó tí wọ́n yọ lóṣù yìí gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 22 oṣù tó ń bọ̀. Bó bá wà nínú ìwé owó oṣù yín tí kò sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí The Pensions Regulator, àjọ tó ń mójú tó ètò owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́.

Ẹni tó ti jáde lè kọ̀wé pé òun fẹ́ padà wọlé, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí owó yín kò tó £10,000 náà lè béèrè. Bó bá ti ju £6,240 lọ, ọ̀gá gbọ́dọ̀ san tirẹ̀.