Owó ṣọ́ọ̀bù tó ní ọjọ́: fíìsì dìpọ́sìtì, tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì àbí mọ́nì máákẹ́ẹ̀tì?

Àbúrò mi obìnrin ń ta léèsì ní ọjà Balógun, lórí Erékùṣù Èkó. Àjọgbà ni ṣọ́ọ̀bù tó wà. Ní ìdajì oṣù Kẹfà, onílé kan sọ fún un pé àyè kan máa ṣófo ní pílásà òun, ṣùgbọ́n ₦4,000,000 ni owó rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì gbọ́dọ̀ wọlé. ₦2,000,000 wà nílẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi, ó sì lè máa yọ ₦100,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, báǹkì ní àwọn á fún mi ní èlé 17 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí fíìsì dìpọ́sìtì, bíìlì ìjọba sì jẹ́ 16. Ṣé kí n kúkú lọ gba 17?"

Mo ní kó dúró. (Àpẹẹrẹ lásán ni 16 àti 17 yìí o. Iye èlé máa ń yí, ẹ béèrè ti ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀.)

Ẹ kọ́kọ́ sọ èlé méjèèjì di ọ̀kan náà

Èlé fíìsì dìpọ́sìtì, ẹ̀yìn ló ń wá. Ẹ fi owó sílẹ̀, ọjọ́ pé, báǹkì san èlé, ó sì ti yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èlé náà fún owó orí.

Iwájú ni ti tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ìgbà díẹ̀, ń wá. Bí àbúrò mi bá ra bíìlì ₦2,000,000 tọlọ́jọ́ 364 ní 16, kì í ṣe mílíọ̀nù méjì ni wọn ó mú lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bíi ₦319,000 èlé ni wọ́n á yọ kúrò, wọ́n á sì mú ₦1,681,000 péré. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, mílíọ̀nù méjì gééré ló ń bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ₦1,681,000 ló ṣiṣẹ́, òun ló sì bí ₦319,000. Ìyẹn ti di 19 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe 16 mọ́.

Ẹ wá gbé ₦1,681,000 yẹn kan náà sínú fíìsì dìpọ́sìtì onídá 17 fún ọdún kan. Èlé rẹ̀ á tó ₦285,700. Tí wọ́n bá yọ owó orí, ó ku ₦257,000. Kódà bí wọ́n bá yọ ìdá mẹ́wàá lára èlé bíìlì náà, nǹkan bíi ₦287,000 ló máa kù. Ẹni tó ní 17 ju 16 lọ kò parọ́, àmọ́ nǹkan méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn ló ń fi wéra. Nítorí náà, ẹ má bi òṣìṣẹ́ báǹkì pé "èló ni èlé?" nìkan. Ẹ bi í pé: "Èló lẹ ó mú lọ́wọ́ mi lónìí, èló gan-an ló máa wọ àkáǹtì mi lọ́jọ́ tó bá pé lẹ́yìn owó orí?"

Ìhò kan wà níbẹ̀ tó ti gbé owó ọ̀pọ̀ èèyàn mì. ₦319,000 tó ṣẹ́ kù sínú àkáǹtì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa ń dà bí owó ọ̀fẹ́. Wọ́n á fi ra aṣọ òde, wọ́n á fi ra fóònù. Owó ṣọ́ọ̀bù ni o. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́, kí ẹ kà á

Ọlọ́jọ́ 91, 182 àti 364 ni bíìlì tí Báǹkì Àpapọ̀ ń tà fún ìjọba. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń tà á, Ọjọ́rú ni ọjọ́ títà, Ọjọ́bọ̀ sì ni owó ń kúrò lọ́wọ́ ẹni. Níwọ̀n bí méje ti ń pín gbogbo iye ọjọ́ wọ̀nyẹn láìṣẹ́kù, Ọjọ́bọ̀ náà ni wọ́n ń pé. Kí Ọjọ́rú tó dé ni kí owó ti wà nílẹ̀, kí ẹ sì ti fi ìwé sílẹ̀ ní báǹkì. Tí ẹ bá kọ iye èlé tó ga ju èyí tí ìjọba gbà lọ́jọ́ náà, wọn ò ní tà fún yín. Owó á padà wá, á sì jókòó lásán títí di títà mìíràn.

Ìṣirò àbúrò mi dùn lójú: 364 àti 182 jẹ́ ọjọ́ 546, ó tó oṣù méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n bíìlì àkọ́kọ́ máa pé ní ìdajì oṣù Kẹfà, èyí ọlọ́jọ́ 182 tí a bá fi tẹ̀ lé e á sì já sí ìdajì oṣù Kejìlá. Onílé ti gba owó ẹlòmíràn nígbà yẹn. Wọ́n lè ta bíìlì kó tó pé, báǹkì á rà á, àmọ́ iye tí báǹkì bá fẹ́ ló máa san. Bí èlé bá ti gòkè láàárín ìgbà yẹn, àdánù ló máa jẹ́.

Ibí ni fíìsì dìpọ́sìtì ti wúlò. A fẹnu kò pé tí bíìlì àkọ́kọ́ bá ti pé, kí ₦2,000,000 wọ fíìsì dìpọ́sìtì ọlọ́jọ́ 150. Ìyẹn á pé ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ kí onílé tó kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n má tún un fi sílẹ̀ nígbà tó bá pé. Bí ẹ bá gbàgbé, báǹkì lè tì í fún ọjọ́ 150 mìíràn, bí ẹ bá sì já a láàárín, èlé lẹ ó fi gbára. Bí báǹkì bá kógbá wọlé, àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì ń dúró fún tó ₦5,000,000 lórí ẹnì kan ní báǹkì ńlá kan láti ọdún 2024. Ní báǹkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní máíkírófáínáǹsì, ₦2,000,000 ni. Owó àbúrò mi kò jù bẹ́ẹ̀.

₦100,000 oṣooṣù ń kọ́?

Kò dára kí á sọ ọ́ di fíìsì dìpọ́sìtì méjìdínlógún tí ọjọ́ wọn yàtọ̀ síra. Inú mọ́nì máákẹ́ẹ̀tì ni mo ní kó máa wọ̀, pẹ̀lú ₦319,000 ọjọ́ àkọ́kọ́. Àpò àjùmọ̀dá ni: iléeṣẹ́ kan kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, ó fi ra bíìlì, ó fi sí báǹkì, ó sì yá àwọn iléeṣẹ́ ńlá fún ìgbà díẹ̀. Ẹ lè fi kún un nígbàkigbà, tí ẹ bá sì ní kí wọ́n san owó yín, ọjọ́ iṣẹ́ díẹ̀ ló ń gbà. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ sísan.

Iye èlé tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ti àná ni. Wọn ò ṣèlérí rẹ̀ fún ọ̀la, NDIC kò sì dúró fún un. Àjọ SEC, tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, ló ń fún àwọn tó ń bójú tó o ní ìwé àṣẹ. Ẹ wá orúkọ àpò náà lórí àkọsílẹ̀ SEC kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Orúkọ àpò náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì tí ẹ ń sanwó sí. Bí wọ́n bá fún yín ní àkáǹtì ẹni kan ṣoṣo, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Ó kù kí á ṣírò rẹ̀ pọ̀: mílíọ̀nù méjì, ₦1,800,000 oṣù méjìdínlógún, àti ₦287,000 tí owó orí ṣẹ́ kù. ₦4,087,000 nìyẹn, a ò sì tíì ka èlé àpò àjùmọ̀dá àti ti ọjọ́ 150. Nígbà tí àbúrò mi rí i, ó ní, "Kí wá ni mo ń du 17 sí?" Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ta bíìlì ló fi ìwé sílẹ̀ ní báǹkì.