Ẹ kú ewu ọ̀nà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, bí Bàbá bá ti Kánò dé láàárọ̀ ọ̀la, "ẹ káàbọ̀" nìkan kò tó. Ẹni tó lọ ra ata lọ́jà náà là ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì mọ́jú, "ẹ kú ewu ọ̀nà" ló tọ́ sí i, ká wá fi "ẹ kú ìrìn o" tẹ̀ lé e. Wọn á ní "ẹ kú ilé o". Ẹ má dákẹ́ o, ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé àlàáfíà lẹ bá wọn lọ́hùn-ún?" Kí ẹnì kan gba báàgì, kí omi tutù tẹ̀ lé e. "Kí lẹ rà bọ̀?" (èmi náà ti bèèrè bẹ́ẹ̀ rí, ojú tì mí), ó di ìrọ̀lẹ́.